Yíyọ Ariwo Kúrò Nínú Àwòrán Alẹ́ Láìba Iṣẹ́ Wẹ́wẹ́ Inú Rẹ̀ Jẹ́: Àpẹẹrẹ Aṣọ Ẹtù ní Ìjẹ̀bú-Òde

1. Ìfáàrà

Ojú ọ̀sán ni àwọn ará Ìjẹ̀bú máa ń ṣe Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn lọ kí ọba. Oòrùn ọjọ́ náà kì í fún ayàwòrán ní wàhálà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni iṣẹ́ dé, nígbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá kóra jọ sábẹ́ àtíbàbà láti jẹ àti láti jó, tí gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè mélòó kan sì jẹ́ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ayàwòrán yóò gbé òǹkà ISO inú kámẹ́rà rẹ̀ sókè gan-an kí àwòrán lè hàn. Bí ó bá délé tí ó fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà, yóò rí i pé nǹkan kan bí iyanrìn ti bo ojú àwọn ènìyàn, àti pé àbàwọ́n pupa, ewé àti àlùkò wà káàkiri ibi tí ó ṣókùnkùn.

Kò ṣòro láti mú iyanrìn àti àbàwọ́n yìí kúrò. Ohun tí ó ṣòro ni láti mú wọn kúrò kí ilà pélé tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà má bá a lọ, kí òwú aṣọ òkè má sì dà bí ọ̀dà tí a fi ọwọ́ rá. Aṣọ ẹtù ni àpilẹ̀kọ yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí aṣọ tí ó tún le fún kámẹ́rà ní alẹ́ jù ú lọ. Aró rẹ̀ dúdú, ìlà funfun tàbí aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ó gba inú rẹ̀ kọjá tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí gílóòbù ìyeyè kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí dáadáa.

2. Àwọn ìperí tí a ó lò

Ọ̀rọ̀ náà 'ariwo' ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò àti tẹlifóònù wá, àwọn tí ó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ: híhó tí rédíò máa ń hó nígbà tí iléeṣẹ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ bá jìnnà. Nínú àwòrán, ojú ni a fi ń rí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ni, èyíinì ni ìyàtọ̀ tí kò ti inú ohun tí a ń yà wá. Nítorí náà, kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn. A ó pín in sí méjì. 'Ariwo ìmọ́lẹ̀' ni èyí tí ó mú kí ibi kan mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ tàbí kí ó ṣókùnkùn jù. 'Ariwo àwọ̀' ni èyí tí ó yí àwọ̀ ibẹ̀ padà.

'Hóró' yàtọ̀ sí ariwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn máa ń dà wọ́n pọ̀. Hóró jẹ́ ti fíìmù ayé àtijọ́: èròjà fàdákà inú fíìmù ni ó ń ṣùjọ tí ojú fi ń rí i bí hóró ọkà. Kò sí fàdákà nínú kámẹ́rà òde òní. Ṣùgbọ́n nítorí pé ariwo ìmọ́lẹ̀ jọ hóró lójú, kò burú bí a bá pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. 'Awo agbàmọ́lẹ̀' ni ohun tí ó rọ́pò fíìmù nínú kámẹ́rà. 'Ẹyọ-àwòrán' ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ihò kéékèèké tí ó wà lórí awo náà, àti àmì kan ṣoṣo tí ó ti inú ihò bẹ́ẹ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà. 'Ẹyọ-ìmọ́lẹ̀' sì ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó kéré jù lọ, tí kò ṣeé pín mọ́.

3. Ibi tí ariwo ti ń wá

Ọ̀pọ̀ gbà pé ISO gíga ni ó ń dá ariwo sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ni ó ń dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ ISO ni láti gbé ohun díẹ̀ tí ó wọlé ga, ó sì ń gbé ariwo ga pẹ̀lú rẹ̀.

Bí a bá to igbá sí àgbàlá nígbà tí òjò ń rọ̀, tí a sì ka ìkán omi tí ó bọ́ sínú igbá kọ̀ọ̀kan, òǹkà wọn kò ní bára mu. Bí òjò bá pọ̀, ìyàtọ̀ náà kò ní tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo omi tí ó wọlé. Bí ó bá jẹ́ òjò wínníwínní, igbá kan lè gba ìkán mẹ́ta kí èkejì gba méje, bẹ́ẹ̀ ojú sánmà kan náà ni ó wà lókè àwọn méjèèjì. Bí ẹyọ-ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú ihò awo agbàmọ́lẹ̀ náà nìyẹn. Òfin tí ó de ọ̀rọ̀ yìí rọrùn: bí iye tí ó yẹ kí ó wọlé bá jẹ́ N, ìyàtọ̀ tí a ó máa rí láàárín ihò kan àti òmíràn yóò tó iye tí a bá sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ tí yóò fún wa ní N. Bí N bá jẹ́ 400, ìyàtọ̀ jẹ́ 20. Bí ó bá jẹ́ 25, ìyàtọ̀ jẹ́ 5.

Ẹ jẹ́ kí a lo èyí fún àwòrán àgbàlagbà kan tí ó wọ agbádá ẹtù lábẹ́ àtíbàbà. Kí a gbà pé ISO 12800 ni ayàwòrán lò, pẹ̀lú ihò lẹ́ńsì f/2.8, tí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà sì ṣí fún 1/125 ìṣẹ́jú àáyá. Láti ISO 100 dé 12800, ìlọ́po 128 ni. Bí ẹyọ-àwòrán kan bá lè gba nǹkan bí 51,200 kí ibi funfun tó kún dẹ́múdẹ́mú ní ISO 100, 400 péré ni yóò tó láti mú un di funfun ní 12800. Níbi funfun náà, ìyàtọ̀ jẹ́ 20 nínú 400, èyíinì ni 5 nínú 100, ojú kò sì ní kà á sí. Aró ẹtù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ti funfun, yóò gba 25. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5, èyí tí ó jẹ́ 20 nínú 100. Ìdí nìyí tí fìlà funfun fi máa ń mọ́ nínú àwòrán kan náà tí agbádá dúdú kún fún iyanrìn. Iná inú ẹ̀rọ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tún máa ń fi díẹ̀ kún ariwo yìí, pàápàá níbi tí ó ṣókùnkùn jù, ṣùgbọ́n ti ẹyọ-ìmọ́lẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀ràn tiwa.

4. Ìdí tí ariwo fi ń di aláwọ̀

Awo agbàmọ́lẹ̀ kò mọ àwọ̀. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà, gíláàsì aláwọ̀ ni a fi bo ihò kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ètò tí Bryce Bayer ti iléeṣẹ́ Kodak gbé kalẹ̀, tí ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1976. Nínú ihò mẹ́rin, méjì ń wo àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń wo pupa, ọ̀kan ń wo búlúù. Kọ̀ǹpútà ni yóò fi òye gbé àwọ̀ méjì tí ó kù fún ihò kọ̀ọ̀kan, láti ara àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà, bí ihò búlúù kan bá ṣàṣìṣe, àṣìṣe náà kò ní dúró lójú kan. Yóò ràn mọ́ àwọn tí ó yí i ká, yóò sì di àbàwọ́n.

Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ìyeyè tún mú ọ̀ràn náà burú sí i, nítorí pé búlúù tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ihò ewé bá gba 25, kí a gbà pé ti búlúù gba 8. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 3, èyí tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ. Kí funfun tó lè jọ funfun lójú, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ sọ búlúù di ìlọ́po mẹ́ta: 8 di 24, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà di 9 pẹ̀lú rẹ̀. Aró ẹtù wá di ibi tí búlúù ti ń fò sókè sódò ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bí ewé ti ń ṣe. Bí búlúù bá ròkè, ibẹ̀ a di àlùkò. Bí ó bá wálẹ̀, a di àwọ̀ ẹrẹ̀.

Síbẹ̀, ariwo àwọ̀ ni ó rọrùn jù láti yọ. Ojú ènìyàn mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú ohun tí ó tín-ín-rín gan-an, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí àwọ̀ kan parí sí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Orí ìmọ̀ yìí ni àwọn tí ó ṣe tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúró lé, tí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọ̀ tí wọ́n sì fi èyí tí ó pọ̀ fún ìmọ́lẹ̀. A lè fọ àwọ̀ nínú àwòrán gidigidi kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòrán alẹ́ tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùfọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fọ méjèèjì pa pọ̀ pẹ̀lú agbára kan náà.

5. Iṣẹ́ náà gan-an

Fáìlì RAW ni kí ayàwòrán máa yà sí. Nínú JPEG, kámẹ́rà ti fọ àwòrán náà lọ́nà tirẹ̀, ó sì ti rán ìlà ẹtù lọ sí ibi tí kò ti ní padà bọ̀. Darktable, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún, ni a ó lò níhìn-ín. Àwọn mìíràn wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn tí a bá ti tún funfun ṣe tí a sì ti tún ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán ṣe, a ó fẹ àwòrán náà dé 100%, kí ẹyọ-àwòrán kan lè bá ẹyọ kan lójú kọ̀ǹpútà mu. Ìgbésẹ̀ yìí kì í ṣe àfikún lásán. Bí àwòrán bá kéré lójú, kọ̀ǹpútà ti pa ẹyọ púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan kí ó tó fi hàn, ariwo sì ti dínkù fúnra rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá rí níbẹ̀ kò ní jẹ́ òtítọ́. Bí àmì funfun tàbí pupa kan ṣoṣo bá ń tàn ní ojú kan náà nínú gbogbo àwòrán alẹ́ ọjọ́ náà, ihò tí ó ti yarọ ni, kì í ṣe ariwo tí à ń sọ. `hot pixels` ni a fi ń mú un kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣí `denoise (profiled)`. Àwọn tí ó ṣe é ti wọn ariwo ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà ní òǹkà ISO kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó mọ iye ariwo tí ó yẹ kí ó retí níbi dúdú àti níbi funfun. Ọgbọ́n tí ó fi ń ṣe é tọ́ sí àkíyèsí. Ariwo 20 wà lára 400, ariwo 5 sì wà lára 25. Kò ṣeé fi agbára kan náà fọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ sọ òǹkà kọ̀ọ̀kan di iye tí ó jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, 400 di 20, 420 sì di bíi 20.5, 25 di 5, 30 sì di bíi 5.5. Ìyàtọ̀ méjèèjì ti di ìdajì ẹyọ kan. Ariwo ti dọ́gba níbi gbogbo, a lè fi agbára kan ṣoṣo fọ̀ ọ́, kí a tó dá àwọn òǹkà padà sí ipò wọn.

Nínú rẹ̀, a ó yan `wavelets` ní `mode`, a ó sì yan `Y0U0V0` ní `color mode`. Y0 ni ìmọ́lẹ̀, U0V0 sì ni àwọ̀. Ọ̀nà yìí máa ń ya àwòrán sí ìpele ìpele bí ìgbà tí a fi ajọ̀ oríṣiríṣi jọ gàrí: ohun tí ó tóbi dúró sí òsì, ohun tí ó wẹ́ dúró sí ọ̀tún. Ní U0V0, a ó gbé ìlà náà sókè, pàápàá ní apá òsì, nítorí pé àbàwọ́n àwọ̀ máa ń gbòòrò ju ẹyọ kan lọ. A ó máa gbé e díẹ̀díẹ̀ títí àlùkò àti ẹrẹ̀ yóò fi pòórá lára agbádá, a ó sì dúró níbẹ̀. Ní Y0, ìdàkejì ni: a ó sọ apá òsì kalẹ̀ pátápátá, a ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ ní apá ọ̀tún, níbi tí hóró tí ó wẹ́ jù wà.

Ìṣòro wà ní apá ọ̀tún yìí, nítorí pé ibẹ̀ náà ni ìlà ẹtù wà. Ká ní ìlà náà fẹ̀ tó ẹyọ-àwòrán méjì, tí ó sì gba 30 níbi tí aró ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba 25. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5, ariwo aró náà sì jẹ́ 5. Ẹni tí ó bá wo ẹyọ kan ṣoṣo kò lè mọ̀ bóyá ìlà ni tàbí ariwo. Ṣùgbọ́n ìlà gùn. Bí a bá ka ogún ẹyọ tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ìlà náà, tí a pín àròpọ̀ wọn sí ogún, ariwo yóò wálẹ̀ sí bíi 1, ìyàtọ̀ náà yóò sì dúró ní 5. Ojú ènìyàn mọ ọgbọ́n yìí láìkọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ìlà nínú ariwo.

Ọ̀nà kejì, èyí tí A. Buades, B. Coll àti J. M. Morel gbé jáde ní 2005, ni ó lo ọgbọ́n kan náà. `non-local means` ni orúkọ rẹ̀ nínú darktable. Dípò kí ó pa ẹyọ kan pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lásán, yóò wo àwọn tí ó yí ẹyọ náà ká, yóò wá ibòmíràn tí ó jọ ọ́ nítòsí, àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni yóò sì pa pọ̀. Aṣọ tí a hun ni irú rẹ̀ dùn mọ́ jù, nítorí pé ìlà ẹtù kan jọ èkejì. Fún agbádá yìí, ó máa ń san ju `wavelets` lọ ní ti ìmọ́lẹ̀. Ní ojú ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀: ilà pélé kan ṣoṣo kò ní ohun tí ó jọ ọ́ nítòsí, ó sì lè parẹ́ bí agbára bá pọ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ìbòjú yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tí darktable fi àyè sílẹ̀ fún. Ẹ̀yìn tí ó ṣókùnkùn, níbi tí kò sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wò, lè gba agbára púpọ̀. Agbádá yóò gba díẹ̀, ojú yóò gba èyí tí ó kéré jù. Bí ojú bá ti mọ́ bí abẹ́là tí ẹ̀yìn kò sì ní ariwo rárá, àwòrán náà yóò jọ ère. Hóró díẹ̀ tí ó wẹ́, tí kò ní àwọ̀, kì í ba àwòrán jẹ́.

6. Bí a ṣe lè mọ̀ pé a ti bà á jẹ́

Ìdánwò kan wà tí ó dára ju ojú lásán lọ. A ó gbé àwòrán náà jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan láìfọ̀, ọ̀kan ní fífọ̀. A ó ṣí wọn nínú GIMP, kí a gbé ọ̀kan lé èkejì, kí a sì yí ipò ti òkè sí `Grain extract`. Ohun tí yóò hàn ni ohun tí fífọ̀ mú kúrò. Bí ó bá jẹ́ eruku tí kò ní àwòrán kankan nínú, ariwo nìkan ni a yọ. Bí ìlà agbádá bá hàn níbẹ̀, tàbí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí etí fìlà, a ti mú ohun tí kì í ṣe tiwa. A ó padà lọ dín Y0 kù. Agbádá lè nípọn díẹ̀ nínú eruku náà ju fìlà funfun lọ, nítorí pé ariwo ibẹ̀ pọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ìlà tí ó tò ni àmì ewu.

Àṣìṣe ti U0V0 ní àmì tirẹ̀. Bí obìnrin tí ó wé gèlè àlàárì bá dúró ti bàbá náà, tí a sì gbé àwọ̀ jù, pupa gèlè yóò ṣàn wọ iwájú orí rẹ̀ àti èjìká agbádá. Ibì kan tún wà tí àwọ̀ nìkan ni iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ọ̀hún: bí a bá hun òwú ewé mọ́ òwú pupa tí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba, kò sí ohun tí ó yà wọ́n nínú Y0, fífọ̀ àwọ̀ yóò sì sọ méjèèjì di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹtù kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé dúdú àti funfun ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń ya aṣọ olónà Ìjẹ̀bú tí ó ní àwọ̀ púpọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Àwọn ohun kan kì í ṣe ariwo, fífọ̀ kò sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Iná NEPA ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gílóòbù kan lè mú kí àwòrán kan pọ́n kí èyí tí ó tẹ̀ lé e ṣú, tàbí kí ọ̀já fífẹ̀ gba ojú àwòrán kọjá. Bí a bá jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ṣí fún 1/100 tàbí 1/50, ó máa ń lọ. 1/50 tún ń mú ìmọ́lẹ̀ tí ó ju ìlọ́po méjì ti 1/125 wọlé, èyí tí yóò dín ariwo kù, bí bàbá náà bá jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń jó, kò ṣeé ṣe.

Ohun tí kì í rìn, bí ilé tàbí ẹnubodè ààfin, ní ọ̀nà tí ó dára jù gbogbo èyí lọ. Kí a gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí a ya àwòrán kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún, kí a sì pa wọ́n pọ̀ nípa pípín àròpọ̀ wọn. Ariwo yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin, kò sì sí òwú kan tí yóò sọnù, nítorí pé a kò pa ẹyọ kan pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ rárá.

Ìpínlẹ̀ iṣẹ́ náà wà níbi tí ìlà bá tín-ín-rín ju ẹyọ-àwòrán kan lọ, tàbí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí aró bá kéré jù fún gígùn rẹ̀ láti gbà á là. Kò sí ẹ̀rí rẹ̀ nínú fáìlì mọ́. Ètò tí ó bá fi ìlà síbẹ̀ ń hun aṣọ tirẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí bàbá wọ̀. Fífọ ariwo gbọ́dọ̀ ṣáájú ìmú-mú, nítorí pé ohun tí ó ń mú ìlà mú ń mú ariwo mú pẹ̀lú; sísọ àwòrán di kékeré ni ó sì yẹ kí ó kẹ́yìn. Bí a bá sọ ẹyọ mẹ́rin di ọ̀kan, ariwo di ìdajì. Nítorí náà, àwòrán tí a kò ní lò ju ojú tẹlifóònù alágbèéká lọ kì í sábà nílò ju fífọ àwọ̀ nìkan lọ. Èyí tí a óò tẹ̀ sínú férémù ńlá fún pálọ̀ ni ó yẹ kí a fi sùúrù ṣe ti Y0 rẹ̀.